Gígé DNA pẹ̀lú ẹ́nsáìmù EcoRI

Gígé DNA pẹ̀lú ẹ́nsáìmù jẹ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tí a fi ń já okùn DNA sí ègé ní àwọn ojú ibi tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ́nsáìmù agé-DNA kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí ó ń wá kiri lára DNA, ibi tí ó bá sì ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé ni ó ti máa ń gé e. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé EcoRI, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́nsáìmù agé-DNA tí a ń lò jùlọ. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń po èròjà iṣẹ́ náà pọ̀, bí a ṣe ń ṣírò iye ẹ́nsáìmù tí ó tó, àti bí a ṣe ń dènà àṣìgé tí a ń pè ní ìgé ìràwọ̀.

## Orísun rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń dá mọ̀

Inú bakitéríà Escherichia coli ni a ti rí EcoRI, lára ẹ̀yà kan tí a ń pè ní RY13. Láti ara orúkọ bakitéríà náà ni a ti mú Eco, láti ara orúkọ ẹ̀yà náà ni a ti mú R, àmì I tí ó kẹ́yìn sì jẹ́ nọ́ńbà àwọn ará Róòmù tí ó dúró fún èkíní. Ohun ìjà ni ẹ́nsáìmù yìí jẹ́ fún bakitéríà. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ti DNA tirẹ̀ wọ inú bakitéríà, ẹ́nsáìmù náà yóò gé e wẹ́wẹ́. Bakitéríà kì í gé DNA ara rẹ̀, nítorí pé ẹ́nsáìmù mìíràn ti lẹ èròjà mẹ́táìlì mọ́ ọ̀rọ̀ náà níbikíbi tí ó bá wà lára DNA ti onílé. Werner Arber, Hamilton Smith àti Daniel Nathans ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣiṣẹ́ ara tàbí ìṣègùn ní ọdún 1978 fún àwárí àwọn ẹ́nsáìmù agé-DNA àti ìlò wọn.

Ọ̀rọ̀ tí EcoRI ń dá mọ̀ ni GAATTC. Bí a bá ka okùn kejì láti òdìkejì, GAATTC kan náà ni a óò bá níbẹ̀. Àárín G àti A ni ó ti ń gé okùn kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń fi ìrù onílẹ́tà mẹ́rin, AATT, sílẹ̀ ní orí ègé kọ̀ọ̀kan. Ìrù yìí ni ó ń jẹ́ kí ègé méjì tí EcoRI gé lè fara mọ́ra, kí a sì lè so wọ́n pọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí lẹ́tà DNA jẹ́ mẹ́rin péré, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́fà bíi GAATTC yóò máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà 4,096, bí a bá kà á sí pé àwọn lẹ́tà náà kàn ń tẹ̀ léra láìní ètò. Kí òǹkàwé fi iye yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí i nígbà tí a bá dé orí ìgé ìràwọ̀.

## Yúnìtì ẹ́nsáìmù

A kì í fi ìwọ̀n ìwúwo ta ẹ́nsáìmù agé-DNA. Agbára iṣẹ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, yúnìtì sì ni orúkọ òṣùwọ̀n náà. Yúnìtì kan EcoRI ni iye tí ó lè gé máíkírógíráàmù kan (1 µg) DNA fáírọ́ọ̀sì lámdà tán pátápátá láàárín wákàtí kan, ní ooru 37°C, nínú àpòpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ máíkírólítà 50 (50 µl).

Ohun tí ó máa ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni pé DNA lámdà ni a fi ṣe òdiwọ̀n yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe DNA lámdà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ gé. Lámdà gùn tó lẹ́tà 48,502, ojú ìgé EcoRI márùn-ún péré ni ó sì ní. Ká ní a wá mú plásímíìdì pUC19, tí ó jẹ́ lẹ́tà 2,686 tí ó sì ní ojú ìgé EcoRI kan, tí a ti ki ègé àjèjì onílẹ́tà 1,200 bọ ojú ìgé náà. Gbogbo plásímíìdì tuntun yìí di lẹ́tà 3,886, ojú ìgé rẹ̀ sì di méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ègé àjèjì náà. Tí a bá pín ojú ìgé márùn-ún lámdà fún gígùn rẹ̀, a óò rí ojú ìgé kan nínú nǹkan bí lẹ́tà 9,700. Tiplásímíìdì wa jẹ́ ọ̀kan nínú lẹ́tà 1,943. Èyí já sí pé nínú máíkírógíráàmù kan, plásímíìdì yìí ní ojú ìgé tí ó tó ìlọ́po márùn-ún ti lámdà. Yúnìtì kan tí ó tó fún lámdà kò lè tó fún un, ó kéré tán yúnìtì 5 ni ó nílò láti parí iṣẹ́ náà ní wákàtí kan. Yàtọ̀ sí èyí, plásímíìdì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú bakitéríà jáde máa ń lọ́ mọ́ra bí okùn tí a fún, ó sì sábà máa ń le díẹ̀ láti gé ju DNA tí ó nà gbọọrọ lọ. Nítorí náà, yúnìtì 10 fún máíkírógíráàmù kan jẹ́ iye tí ó bójú mu fún iṣẹ́ yìí. Ó ti fi ìlọ́po méjì lé ohun tí ìṣirò béèrè, kò sì sún mọ́ iye tí ó ń mú àṣìgé wá.

## Báfà

Báfà ni omi oníyọ̀ tí ẹ́nsáìmù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Báfà kan tí ó wọ́pọ̀ fún EcoRI ní 50 mM Tris-HCl tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.5, 100 mM NaCl, 10 mM MgCl₂ àti 1 mM DTT. Olúkúlùkù wọn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Magnẹ́síọ̀mù (Mg²⁺) ni ẹ́nsáìmù fi ń gé DNA gan-an. Bí kò bá sí i, EcoRI lè di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú lára DNA ṣùgbọ́n kò ní lè gé e. Tris ni ó ń di pH mú kí ó má yẹ̀. Iyọ̀ NaCl ni ó ń jẹ́ kí ìdìmú ẹ́nsáìmù mọ́ DNA wà ní ìwọ̀n, kí ó má di gbogbo ohun tí ó bá rí mú. DTT ń dáàbò bo purotéènì ẹ́nsáìmù náà.

A máa ń fi báfà pamọ́ ní kíki ìlọ́po mẹ́wàá, tí a ń kọ 10X sí ara túùbù rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo àpòpọ̀ ni a ń bù sí i, kí ó lè padà sí ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí báfà bá ti dì nínú fírísà, ó yẹ kí a jẹ́ kí ó yọ́ tán, kí a sì mì ín dáadáa kí a tó bù nínú rẹ̀. Àìṣe èyí wọ́pọ̀ púpọ̀, iyọ̀ a sì máa wà nísàlẹ̀ túùbù nígbà tí omi lásán wà lókè. Ẹni tí ó bá bù láti òkè ti fún ẹ́nsáìmù rẹ̀ ní omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń fa ìgé ìràwọ̀.

## Pípo èròjà pọ̀

Ká padà sí plásímíìdì onílẹ́tà 3,886 tí a mẹ́nu bà. Ká ní DNA rẹ̀ wà ní 0.25 µg nínú µl kan, tí ẹ́nsáìmù tí ó wà lọ́wọ́ sì jẹ́ yúnìtì 10 nínú µl kan. A fẹ́ gé 1 µg. Omi mímọ́ tí kò ní ohunkóhun nínú ni a óò kọ́kọ́ bù sínú túùbù, 40 µl. Lẹ́yìn náà ni a óò bu báfà 10X, 5 µl, kí a tó bu DNA, 4 µl. Ẹ́nsáìmù ni ó máa ń kẹ́yìn, 1 µl, èyí tí í ṣe yúnìtì 10. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50 µl. Ìdí tí ẹ́nsáìmù fi ń kẹ́yìn ni pé kò gbọdọ̀ bá omi lásán tàbí báfà kíki pàdé. Inú àpòpọ̀ tí ó ti wà ní ìwọ̀n ni ó yẹ kí ó bọ́ sí.

Ẹ́nsáìmù kì í kúrò nínú fírísà (-20°C) àfi bí a bá fẹ́ bù ú, orí yìnyín ni a sì ń gbé e sí ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ó bá lò níta. Kò dì nínú fírísà nítorí pé ìdajì ohun tí ó wà nínú túùbù rẹ̀ jẹ́ glísẹ́rọ́ọ̀lù. Glísẹ́rọ́ọ̀lù wúwo ju omi lọ, ó sì ki bí oyin. Bí a bá bu ẹ́nsáìmù sínú àpòpọ̀ tí a kò pò ó, yóò rì lọ sísàlẹ̀ túùbù, yóò jókòó síbẹ̀, DNA tí ó wà lókè kò sì ní rí i. A óò fi pípẹ́ẹ̀tì fà á sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin pẹ̀lú ìrọ̀rùn, tàbí kí a fi ìka ta ìdí túùbù náà, kí a tó fi ẹ̀rọ yí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀kán tí ó fara mọ́ ògiri lè wálẹ̀. A kì í fi ẹ̀rọ amìtúùbù gbọ̀n ọ́n.

Kí ẹ ṣàkíyèsí iye glísẹ́rọ́ọ̀lù tí ó wà nínú àpòpọ̀ yìí. Ìdajì 1 µl ni 0.5 µl, èyí tí í ṣe ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún 50 µl. Òfin tí àwọn oníṣẹ́ yàrá ń tẹ̀ lé ni pé ẹ́nsáìmù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo àpòpọ̀ lọ, kí glísẹ́rọ́ọ̀lù má bàa ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tí a bá ń lo ẹ́nsáìmù méjì pọ̀ nínú túùbù kan, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni òfin yìí ń bá wí, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

## Ooru àti àkókò

Ooru 37°C ni EcoRI ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìyẹn ooru ikùn ènìyàn tí E. coli ń gbé. Fún àpẹẹrẹ wa, wákàtí kan tó. Àwọn kan máa ń fi túùbù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìrètí pé bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe gé mọ́ tó. Èyí kò burú bí yúnìtì bá kéré, ṣùgbọ́n bí ẹ́nsáìmù bá ti pọ̀ jù, àkókò gígùn ni ó ń fún àṣìgé láàyè láti hàn. Bí àpòpọ̀ bá sì kéré, bíi 10 µl nínú túùbù ńlá, omi inú rẹ̀ yóò máa fẹ́ lọ di ìrì sí abẹ́ ọmọrí túùbù. Glísẹ́rọ́ọ̀lù kì í bá omi lọ, nítorí náà ohun tí ó kù nísàlẹ̀ yóò máa ki sí i bí òru ti ń lọ.

Nígbà tí àkókò bá pé, gbígbé túùbù sí 65°C fún 20 ìṣẹ́jú yóò pa EcoRI. Bí ó bá jẹ́ pé a kàn fẹ́ wo DNA náà lórí jẹ́ẹ̀lì ni, èròjà EDTA tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ omi aláró tí a ń bù mọ́ DNA yóò gba magnẹ́síọ̀mù lọ́wọ́ ẹ́nsáìmù, iṣẹ́ á sì dúró.

## Ìgé ìràwọ̀

Ní ọdún 1975, Barry Polisky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé bí a bá yí ipò iṣẹ́ EcoRI padà, pàápàá bí pH bá ga tí iyọ̀ sì dín kù, kì í dúró ti GAATTC mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé níbikíbi tí ó bá ti rí AATT, láìka irú lẹ́tà tí ó ṣáájú tàbí tí ó tẹ̀ lé e sí. Àmì ìràwọ̀ ni a fi ń kọ ọ́, EcoRI*, ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti wá.

Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́rin máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà 256. Nínú plásímíìdì wa onílẹ́tà 3,886, ojú ìgé tòótọ́ jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n a lè retí AATT bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo wọn kọ́ ni ẹ́nsáìmù yóò gé bákan náà o. Àwọn tí ó fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí GAATTC ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, àwọn yòókù a sì tẹ̀ lé wọn bí ipò náà bá ṣe burú tó.

Àwọn ohun tí ń fà á kò pọ̀. Glísẹ́rọ́ọ̀lù tí ó ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni ó wọ́pọ̀ jùlọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ́nsáìmù tí ó pọ̀ kọjá ààlà fún iye DNA tí ó wà, iyọ̀ tí ó kéré, pH tí ó ga, ẹtanọ́ọ̀lù tí ó ṣẹ́kù lára DNA tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa lẹ́yìn fífọ̀, àti mánganíìsì tí ó bá gba ipò magnẹ́síọ̀mù. Ohun kan náà so glísẹ́rọ́ọ̀lù àti ẹtanọ́ọ̀lù pọ̀: àwọn méjèèjì ń dín agbára omi kù nínú àpòpọ̀. Ní ipò tí ó tọ́, omi máa ń wà láàárín ẹ́nsáìmù àti DNA tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bá ẹ́nsáìmù mu ni omi yìí ń kúrò, tí àwọn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́. Nígbà tí agbára omi bá dín kù, ó rọrùn fún ẹ́nsáìmù láti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó kàn jọ tirẹ̀.

Ewu rẹ̀ ju ìlà àjèjì lórí jẹ́ẹ̀lì lọ. Ègé tí ìgé ìràwọ̀ bá gé ṣì ní ìrù AATT lórí rẹ̀, nítorí náà yóò so mọ́ plásímíìdì mìíràn tí EcoRI gé láìsí ìṣòro kankan. Ẹni tí ń gbin jíìnì lè gbin ìdajì rẹ̀ kí ó má mọ̀. Àmì kan tí ó lè tú u fó ni pé ojú ìsopọ̀ náà sábà máa ń di GAATT pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn dípò C, EcoRI kò sì ní lè gé e níbẹ̀ mọ́ nígbà tí a bá fẹ́ yọ ègé náà padà.

## Dídá ìgé ìràwọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àgékù

Àṣìṣe méjì ni ó ń mú kí ìlà pọ̀ ju bí a ti retí lọ lórí jẹ́ẹ̀lì agarósì: ẹ́nsáìmù lè má tíì gé tán, tàbí kí ó ti gé kọjá ààlà. Oògùn ọ̀kan ni májèlé èkejì. Bí àgékù ni, ẹ́nsáìmù tàbí àkókò tí a bá fi kún un yóò tún un ṣe. Bí ìgé ìràwọ̀ ni, ohun kan náà yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nítorí èyí, ó yẹ kí a mọ èyí tí ó jẹ́ kí a tó fọwọ́ kan pípẹ́ẹ̀tì.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ìlà méjì ni ó yẹ kí ó hàn, 2,686 àti 1,200. Bí iṣẹ́ kò bá tíì parí, a óò tún rí ìlà kan ní 3,886, ìyẹn plásímíìdì tí a gé lójú kan ṣoṣo. Àgékù kò lè mú ègé tí ó kéré ju 1,200 jáde, nítorí pé òun ni ó kéré jùlọ nínú àwọn ègé tòótọ́. Nítorí náà, bí ìlà tín-ín-rín bá wà nísàlẹ̀ 1,200, ìgé ìràwọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ìlà tí ó já gaara, tí gbogbo rẹ̀ kàn fà bí èéfín, a jẹ́ pé ẹ́nsáìmù mìíràn tí ń jẹ DNA láìyan ibì kan ni ó bá ọ̀nà wọlé.

Ìpalára kan tún wà tí ó ń tan ojú jẹ. Plásímíìdì tí a kò gé rárá, tí ó ṣì lọ́ mọ́ra, máa ń yára rìn nínú jẹ́ẹ̀lì ju DNA tí ó nà tí gígùn wọn dọ́gba lọ, ó sì lè jókòó síbi tí ènìyàn yóò fi rò pé ègé kékeré ni. Túùbù kejì tí ó ní gbogbo èròjà àyàfi ẹ́nsáìmù ni ó ń yanjú èyí. A óò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ lórí jẹ́ẹ̀lì, a óò sì rí ibi tí DNA tí a kò gé dúró sí.

Bí iyèméjì bá ṣì kù, a lè bu 10 µl nínú àpòpọ̀ náà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí kan, àti lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, kí a sì wò wọ́n pọ̀. Ìlà àgékù yóò máa parẹ́ bí àkókò ti ń lọ. Ìlà ìgé ìràwọ̀ yóò máa hàn kedere sí i.

Àtúnṣe ìgé ìràwọ̀ ni pé kí a mú àpòpọ̀ tóbi sí i, kí a dín ẹ́nsáìmù kù, kí a lo báfà tí a ṣe fún EcoRI gan-an, kí a sì dá iṣẹ́ náà dúró ní wákàtí kan. Wọ́n tún ti ṣe irú EcoRI kan tí a yí purotéènì rẹ̀ padà kí ó lè dúró ti GAATTC, tí a ń kọ EcoRI-HF sí ara túùbù rẹ̀. Ó ń dín ìṣòro yìí kù gidigidi, báfà tirẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti EcoRI àtijọ́.

## Dídán ẹ́nsáìmù tí ó ti pẹ́ wò

Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró ṣinṣin, tí fírísà ń gbóná tí ó sì ń tutù, agbára ẹ́nsáìmù máa ń dín kù láìsí pé nọ́ńbà ara túùbù yí padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á bu púpọ̀ sí i: 4 µl nínú àpòpọ̀ 20 µl, bí àpẹẹrẹ. Glísẹ́rọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti di ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà. Ẹ́nsáìmù tí ó ti rẹ̀ kò di ẹ̀tọ́ láti fi glísẹ́rọ́ọ̀lù kún inú túùbù.

Ó sàn kí a fi DNA lámdà wọn agbára tí ó kù. A óò fi báfà 1X tútù bu ẹ́nsáìmù náà là títí yóò fi jẹ́ yúnìtì kan nínú µl kan gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ara túùbù ti wí, a óò sì lò ó lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹ́nsáìmù tí a bù là kì í pẹ́ kú. Túùbù mẹ́ta, 1 µg lámdà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 50 µl: a óò fi 1 µl, 2 µl àti 4 µl ẹ́nsáìmù sí wọn, ní 37°C fún wákàtí kan. Ègé mẹ́fà ni ó yẹ kí ó jáde: 21,226, 7,421, 5,804, 5,643, 4,878 àti 3,530. Ìlà 5,804 àti 5,643 sún mọ́ra débi pé wọ́n lè dà bí ìlà kan tí ó nípọn. Kí a tó gbé wọn sórí jẹ́ẹ̀lì, ó yẹ kí a gbé túùbù sí 65°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a sì yára gbé e sórí yìnyín, nítorí pé orí méjèèjì DNA lámdà máa ń fara mọ́ra. Bí a kò bá ṣe èyí, ègé 21,226 àti 3,530 yóò so pọ̀ di 24,756, ìlà 3,530 á ṣá, ẹni tí ń wò ó yóò sì rò pé ẹ́nsáìmù kò gé tán.

Bí túùbù oní 4 µl ni ó kọ́kọ́ parí iṣẹ́, agbára ẹ́nsáìmù náà ti sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí a kọ sí i lára. Fún plásímíìdì wa, 4 µl rẹ̀ ni a óò nílò láti rí yúnìtì 10 tòótọ́. Nínú àpòpọ̀ 50 µl, glísẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò tíì kọjá ààlà. Bí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a lè mú àpòpọ̀ náà di 100 µl, tàbí kí a ra túùbù tuntun.